Ohun Tí Omi Ń Fi Hàn Nípa Ilẹ̀ Abẹ́ Ọ̀nà

Ká ní ìdánwò fi hàn pé agbára ilẹ̀ abẹ́ ọ̀nà kan, tí àwọn ẹnjiníà ń pè ní sí-bí-áà, jẹ́ 18% kó tó wọnú omi, àmọ́ ó já sí 4% lẹ́yìn ọjọ́ 4 nínú omi. Bí òjò bá lè rin ibẹ̀, 4% ni ká gbára lé.

Nínú ìjábọ̀, “ẹ tún ilẹ̀ náà ṣe bó ti yẹ” kò tó, torí agbaṣẹ́ṣe lè túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe wù ú. Ẹ kọ ọ́ báyìí: “Láti mítà 300 dé mítà 650, ẹ gbẹ́ ilẹ̀ kúrò ní ìjìnlẹ̀ mìlímítà 300. Ẹ fi yangí tí sí-bí-áà rẹ̀ lẹ́yìn omi kò dín ní 15% dí i, ní ìpele méjì, kí ẹ kì í, kí ẹ sì dán ìpele kọ̀ọ̀kan wò.”