Ilẹ̀ onílẹ̀ l'Ápápá àti Ajégúnlẹ̀: Ṣé ọdún méjìlá lè sọ àlejò di onílé?

Ọ̀rọ̀ méjì kan wà tí ẹni tó bá ń gbé Ajégúnlẹ̀ kò ní ṣàì gbọ́ bí ìjà ilẹ̀ bá bẹ́ sílẹ̀. Ẹni tó wà nínú ilé yóò ní, "Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti wà níbí, ta ni yóò lé mi?" Ẹni tó ní òun nilẹ̀ yóò fèsì pé, "Bí o pẹ́ ọgọ́rùn-ún ọdún, àlejò ni ọ́." Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọ̀kan nínú wọn gbọ́dọ̀ máa parọ́. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Àwọn méjèèjì lè jàre níwájú adájọ́, nítorí kì í ṣe iye ọdún nìkan ni òfin ń wò. Ohun tó kọ́kọ́ ń béèrè ni pé, báwo lo ṣe dé orí ilẹ̀ náà?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ilẹ̀ Àpápá fúnra rẹ̀. Ní ọdún 1913 ni ìjọba gẹ̀ẹ́sì gba ilẹ̀ kan níbẹ̀ lábẹ́ òfin gbígba ilẹ̀ tí wọ́n ṣe ní ọdún 1903. Olóyè Olúwa, Amodu Tijani, tó jẹ́ ọ̀kan lára àwọn Ìdẹ́jọ Èkó, ní kí wọ́n san owó ilẹ̀ náà fún òun ní kíkún. Ilé ẹjọ́ tó wà l'Ékòó sọ pé olóyè náà kò ní ju àṣẹ àkóso àti ìsákọ́lẹ̀ lọ lórí ilẹ̀ náà, nítorí àwọn mìíràn ló ń gbé orí rẹ̀. Olóyè Olúwa kò gbà. Ní ọdún 1920, òun àti Herbert Macaulay wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ní oṣù keje ọdún 1921, àwọn adájọ́ Ìgbìmọ̀ Ọba, tí Haldane ka ìdájọ́ wọn, dá a láre. Wọ́n ní olóyè ń di ilẹ̀ mú nítorí àwọn ènìyàn rẹ̀, àti pé ilẹ̀ náà gan-an ló yẹ kí ìjọba san owó rẹ̀, kì í ṣe owó ìsákọ́lẹ̀ lásán.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún wa ni pé, gbígbé orí ilẹ̀ yàtọ̀ sí níní ilẹ̀. Lábẹ́ àṣà wa, ẹni tó bá tọrọ ilẹ̀ lọ́wọ́ baálé ẹbí, tó ń san ìsákọ́lẹ̀, tàbí tí wọ́n fi ọrẹ jẹ kó máa gbé ibẹ̀, àlejò ni títí ayé. Àwọn ọmọ rẹ̀ lè bá a gbé ibẹ̀, àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ náà lè gbé ibẹ̀, kò sí ọdún tí yóò sọ wọ́n di onílẹ̀. Ohun tó tilẹ̀ léwu jù fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni kó dìde lọ́jọ́ kan kó ní òun kò mọ onílẹ̀ kankan rí. Sísẹ́ onílẹ̀ jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ tí ilé ẹjọ́ lè tìtorí rẹ̀ gba ilẹ̀ náà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ pátápátá.

Ṣùgbọ́n ẹni tí kò tọrọ, tí kò sì rà á lọ́wọ́ onílẹ̀, ńkọ́? Níbí ni òfin Ìpínlẹ̀ Èkó tó fi gbèdéke sí ìgbà tí ènìyàn lè pẹjọ́ ti dé. Òfin náà sọ pé ọdún méjìlá ni ẹnikẹ́ni ní láti fi gba ilẹ̀ rẹ̀ padà ní ilé ẹjọ́. Bí ó bá jẹ́ ilẹ̀ ìjọba, ogún ọdún ni. Bí àkókò yìí bá kọjá tí onílẹ̀ kò pẹjọ́, kì í ṣe ẹjọ́ nìkan ló ti pẹ́, ẹ̀tọ́ rẹ̀ lórí ilẹ̀ náà ti kú.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan. Ká sọ pé ẹnìkan ra ilẹ̀ kan sí Ajégúnlẹ̀ ní ọdún 2010, ó gba ìwé rẹ̀, ó sì rìnrìn àjò lọ sí Ìlú Ọba láìfi ẹnikẹ́ni ṣọ́ ọ. Ní oṣù kẹta ọdún 2011, ẹlòmíràn ṣe ọgbà yí i ká, ó kọ́ yàrá mẹ́fà sí i, ó sì ń gba owó ilé lójú gbogbo ayé. Oṣù kẹta yẹn ni kíkà bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 2023, ọdún méjìlá pé. Bí onílẹ̀ bá dé ní ọdún 2024 tó gbé e lọ sí kóòtù, ìwé rẹ̀ lè dára, kó má sì ràn án lọ́wọ́ mọ́.

Ẹ wá jẹ́ ká yí ohun kan padà. Ká ní ní ọdún 2016, ẹni tó wà lórí ilẹ̀ náà kọ lẹ́tà sí onílẹ̀ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ta ilẹ̀ yín yìí fún mi," tó sì fọwọ́ sí i. Ó ti gbà pé ilẹ̀ onílẹ̀ ni. Kíkà yóò tún bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ lẹ́tà náà, yóò sì di ọdún 2028 kó tó pé. Ẹjọ́ tí onílẹ̀ pè ní ọdún 2024 kò pẹ́ jù nìyẹn. Ká sì ní onílẹ̀ ló fi í síbẹ̀ láti máa bá a tọ́jú rẹ̀, kíkà kò tíì bẹ̀rẹ̀ rárá, nítorí pẹ̀lú àṣẹ onílẹ̀ ló fi wà níbẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ onílẹ̀ ti ń ṣìnà nìyí. Wọ́n á kọ lẹ́tà ìkìlọ̀, wọ́n á lọ fi ẹjọ́ sun ní tésàn, wọ́n á kó àwọn àgbà jọ, ọdún á sì máa yí lọ. Kò sí ọ̀kankan nínú wọn tó ń dá kíkà dúró. Pípe ẹjọ́ sí kóòtù nìkan ló ń dá a dúró. Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Títa ilẹ̀ náà fún ẹlòmíràn kò sì ṣe àtúnbẹ̀rẹ̀ kíkà. Ọdún tó ti lọ mọ́ ẹni tó tà á lọ́wọ́ ti lọ mọ́ ẹni tó rà á lọ́wọ́ pẹ̀lú. Ẹni tó bá sì kó tọ́ọ̀gì lọ láti fi agbára lé ènìyàn, òfin Èkó ti ọdún 2016 tó dènà fífi ipá gba ohun ìní lè mú un.

Ẹni tó wà lórí ilẹ̀ náà kò gbọ́dọ̀ sùn. Òun ni yóò sọ ọ́ sínú ìwé ìgbèjà rẹ̀ pé àkókò ẹjọ́ ti kọjá. Bí kò bá sọ ọ́, adájọ́ kò ní bá a sọ ọ́. Òun náà ni yóò fi ẹ̀rí hàn pé ọdún náà pé láìjá: risíìtì owó ilé tó ń já fún àwọn ayálégbé, ìwé owó ilẹ̀ tó san fún ìjọba, àwọn aládùúgbò tó rí i nígbà tó ń fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀. Bí ó bá kó kúrò, tí ilẹ̀ náà sì ṣófo, ọdún àtẹ̀yìnwá ti ṣòfò. Ṣùgbọ́n bí ó bá fi lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ láìsí àlàfo, ọdún àwọn méjèèjì lè para pọ̀.

Kí àwọn òǹkàwé wa tó wà lóko má ṣe gbé òfin Èkó yìí lọ bá ilẹ̀ ẹbí wọn. Òfin Ìwọ̀ Oòrùn àtijọ́ ti ọdún 1959 lórí irú ọ̀rọ̀ yìí yọ ilẹ̀ tó wà lábẹ́ àṣà ìbílẹ̀ sílẹ̀. Síbẹ̀, ẹ má ṣe fi ìyẹn sùn. Láti ọdún 1913, nínú ẹjọ́ Akpan Awo àti Cookey Gam, ni ilé ẹjọ́ ti sọ pé kò tọ́ kí ẹni tó mọ̀, tó dákẹ́, tó sì ń wo ẹlòmíràn bó ṣe ń gba owó ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, tún wá gba ilẹ̀ náà mọ́ ọn lọ́wọ́.

Nítorí náà, bí ẹ bá fi ènìyàn sí ilẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kó wà nínú ìwé tí ẹ̀yin méjèèjì fọwọ́ sí, kí ẹ sì máa gba ìsákọ́lẹ̀ yín, bó tilẹ̀ jẹ́ kọ́bọ̀. Ìwé pélébé yẹn ni yóò sọ fún adájọ́, lẹ́yìn ogójì ọdún, ẹni tó jẹ́ àlejò àti ẹni tó jẹ́ onílé.