Dìde Nílẹ̀ Kí O Tó Tọrọ Líìfù

Ọdún pípẹ́ ni mo fi tọ́jú fáìlì àwọn òṣìṣẹ́ kí n tó fẹ̀yìn tì, ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọ àdúgbò fi máa ń gbé lẹ́tà wá bá mi pé kí n bá wọn wò ó. Èyí tí ọ̀kan nínú wọn gbé wá lọ́dún 2025 ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Sítọ̀ọ̀ ilé iṣẹ́ kan ní Ìkẹjà ló ń bójú tó, ó sì ti lé lọ́dún mẹ́ta tó wà níbẹ̀. Àbúrò rẹ̀ obìnrin fẹ́ ṣègbéyàwó, ó sì fẹ́ gba líìfù. Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ lẹ́tà rẹ̀. Bó ṣe rí ní Yorùbá nìyí:

“Ọ̀gá mi tí mo bọ̀wọ̀ fún jù lọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú pé mo tún ń yọ yín lẹ́nu. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ pọ̀, mo sì mọ̀ pé kò yẹ kí n máa béèrè irú nǹkan báyìí. Ẹ jọ̀wọ́, bí kò bá ní ni yín lára, mo fẹ́ bẹ̀ yín bóyá mo lè rí bí ọjọ́ mélòó kan gbà nínú oṣù tó ń bọ̀, ì báà ṣe ọjọ́ méjì péré. Àbúrò mi ló ń ṣègbéyàwó, èmi sì ni àkọ́bí, ara bàbá wa kò sì le. Mi ò ní pa fóònù mi rárá. Ẹ lè pè mí nígbàkúgbà, kódà lóru. Bí ẹ kò bá sì gbà, kò burú, mi ò ní bínú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ forí jì mí. Èmi ni ìránṣẹ́ yín olùgbọ́ràn.”

Mo kà á, mo bi í pé, “Kí lo jí?”

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Mọ̀mí, ọ̀wọ̀ ni mo ń bù fún wọn.”

Mo mọ ibi tí irú ọ̀wọ̀ bẹ́ẹ̀ ti wá. Láyé ìjọba amúnisìn, àwọn tó ń báni kọ lẹ́tà máa ń jókòó nítòsí kóòtù àti ilé ìfìwéránṣẹ́, wọn a máa gbowó lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀wé, wọn a sì bá a kọ ẹ̀bẹ̀ sí ìjọba. “Ìránṣẹ́ yín olùgbọ́ràn” wà lára ohun tí wọ́n fi ń parí ìwé. Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín níbẹ̀ ni pé àwọn gómìnà òyìnbó pàápàá ń fi gbólóhùn yẹn parí lẹ́tà tí wọ́n ń kọ sí Lọ́ńdọ̀nù, wọn kò sì kà á sí ju bí a ṣe ń sọ pé “ó dàbọ̀” lọ. Àwa la gbà á tọkàntọkàn.

Ìdọ̀bálẹ̀ tiwa kò sì rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó ní ọ̀rọ̀ bá bàbá rẹ̀ sọ yóò dọ̀bálẹ̀, bàbá yóò ní kó dìde, ìgbà tó bá jókòó tán ni yóò tó sọ ohun tó bá wá. Lẹ́tà ọmọkùnrin yìí kò dìde nílẹ̀ rárá.

Mo ní kó bá mi ka ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́ mẹ́ta, ẹ má bínú kan, ẹ forí jì mí kan. Ọjọ́ tó fẹ́ lọ? Kò sí. Iye ọjọ́? “Bí ọjọ́ mélòó kan,” tó di “ọjọ́ méjì péré” kí gbólóhùn náà tó parí. Ẹni tí yóò di sítọ̀ọ̀ mú? Kò sí. Ọ̀gá tó bá fẹ́ buwọ́ lù ú pàápàá kò ní mọ ohun tó ń buwọ́ lù. Mo ti rí irú rẹ̀ nínú fáìlì láìmọye ìgbà: ẹ̀bẹ̀ ti gba gbogbo ojú ìwé, kò sáyè mọ́ fún ohun tí ọ̀gá nílò. Irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ kì í rí bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ gbà, ṣe ló máa ń sùn sórí tábìlì.

Mo wá bi í léèrè ohun tó ń tọrọ gan-an. Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà, ní abala 18, sọ pé òṣìṣẹ́ tó bá ti ṣiṣẹ́ fún oṣù 12 láìdáwọ́ dúró ní ẹ̀tọ́ sí ìsinmi tí kò gbọ́dọ̀ dín ní ọjọ́ iṣẹ́ 6, pẹ̀lú owó rẹ̀ ní pípé. Òfin náà kò ka àwọn tó wà ní ipò alákòóso tàbí iṣẹ́ amọ̀ṣẹ́dunjú mọ́ ọn. Ìwé ìgbanisíṣẹ́ ni kí irú wọn lọ wò. Mo ní kó mú tirẹ̀ wá. Ọjọ́ iṣẹ́ 15 lọ́dún ló wà níbẹ̀, kò tíì lo ju 6 lọ. Ọjọ́ 9 tó kù, tirẹ̀ ni. Kò sẹ́ni tó ń tọrọ ohun tó jẹ́ tirẹ̀.

Àmọ́ kì í ṣe òun nìkan ló ni àsìkò tí yóò lò wọ́n. Iṣẹ́ wà nílẹ̀, ọ̀gá sì lè ní kó sún un síwájú. Òfin kan náà gbà kí àwọn méjèèjì jọ fẹnu kò lórí ìyẹn, bí kò bá ti mú kí iṣẹ́ tó máa ṣe kó tó sinmi ju oṣù 24 lọ. Àsìkò, nígbà náà, ni ohun tó ń béèrè, ibẹ̀ sì ni ọ̀wọ̀ ti wúlò. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi gbà fún àwọn tó ń kọ ọ́ pé “ẹ kò ní rí mi lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.” Wọ́n rò pé ìgboyà ni.

A jọ tún un kọ:

“Ẹ kú iṣẹ́, sà. Mo fẹ́ lo ọjọ́ iṣẹ́ 5 nínú líìfù mi ti ọdún 2025, láti ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 10, sí ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 14 oṣù Kọkànlá. Màá wọlé padà ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 17. Ìgbéyàwó àbúrò mi bọ́ sí òpin ọ̀sẹ̀ náà. Èmi àti ẹnìkejì mi ní sítọ̀ọ̀ ti sọ̀rọ̀, ó sì ti gbà láti dúró fún mi. Màá ti ka ọjà tó wà nílẹ̀, màá sì kó kọ́kọ́rọ́ àti ìwé àkọsílẹ̀ lé e lọ́wọ́ ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 7. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n rí èsì yín kó tó di ọjọ́ 24 oṣù Kẹwàá, kí n lè parí ètò. Ẹ ṣé, sà.”

Ẹ̀yin náà rí i pé “ẹ jọ̀wọ́” kan ṣì wà níbẹ̀. Èmi ni mo ní kó fi í sílẹ̀, nítorí ibẹ̀ ló ti ń béèrè ohun tó wà lọ́wọ́ ọ̀gá lóòótọ́. Àìlera bàbá ti kúrò: líìfù ọdọọdún kò nílò ẹjọ́ wẹ́wẹ́, bí èèyàn bá sì ti ń to ìdí jọ, ṣe ló ń fún ọ̀gá láyè láti máa wọ̀n wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan. (Bó bá jẹ́ àyè pàjáwìrì ni, tí kò sí nínú líìfù, ìyẹn yàtọ̀, ìdí ni ọ̀gá yóò fi pinnu.) Ìpè òru náà ti lọ. Ó fẹ́ dá a padà. Mo ní ẹni tó ń dáhùn ìpè sítọ̀ọ̀ láago méjì òru kò tíì lọ líìfù.

Ó tún ní, bó bá jẹ́ pé ọjọ́ mẹ́ta péré ló kù ńkọ́? Nígbà náà, ẹ̀bẹ̀ tọ́, torí ó ti pẹ́ jù lóòótọ́: “Ẹ má bínú pé n kò tètè sọ.” Ẹ̀ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà, kó máa bá ọ̀rọ̀ lọ.

Èsì dé lọ́jọ́ kejì. Ọ̀gá ní àwọn ayẹ̀wé-owó-wò ń bọ̀ wá ka ọjà lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ 10, pé ṣé ó lè bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ọmọ náà sáré gbé fóònù wá fi ohun tó fẹ́ fi dáhùn hàn mí. “Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú, sà” ló fi bẹ̀rẹ̀. Mi ò sọ nǹkan kan, mo kàn wò ó lójú. Òun fúnra rẹ̀ pa ìlà yẹn rẹ́, ohun tó ṣẹ́ kù ló sì fi ránṣẹ́: “Ó dára bẹ́ẹ̀, sà. Màá bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 11, màá sì wọlé ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 18. Ẹ ṣé.”