Tí Àìsàn Bá Dé Lóru Nílùú Tí Ẹ Ṣẹ̀ṣẹ̀ Kó Dé, Ibo Lẹ Máa Gbà Lọ?

Ọ̀pọ̀ èèyàn wa tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé òkè Ọya, ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ wá, lẹ́yìn náà ilé, lẹ́yìn náà iléèwé àwọn ọmọ. Ọsibítù kì í sí nínú rẹ̀. Wọ́n á ní ọjọ́ tí àwọn bá nílò rẹ̀ làwọn máa béèrè. Ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn lè jẹ́ aago méjì òru, tí kẹ̀kẹ́ ò sí lójú títì, tí aládùúgbò ti sùn, tẹ́yin náà ò sì tíì gbọ́ Haúsá. Kánò ni mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ, torí àwọn èèyàn wa pọ̀ ní Sábọ̀n Gàrí. Ẹni tó wà ní Jọ́ọ̀sì, Kàdúná tàbí Pọtakọ́tù lè fi ìlú tiẹ̀ wò ó.

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ ni pé ilé ìwòsàn tó sún mọ́ yín jù lọ kọ́ lẹ ń wá. Èyí tó ṣí lóru, tí ẹni tó lè tọ́jú èèyàn sì wà nínú rẹ̀, lẹ ń wá. Pátákó tí wọ́n kọ wákàtí mẹ́rìnlélógún sí kì í ṣe ẹ̀rí. Ẹ rìn gba ibẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀kan ní nǹkan bí aago mẹ́wàá alẹ́, láàárín ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ dé. Ṣé iná wà níbẹ̀? Ṣé géètì ṣí? Ẹ bi máígáàdì pé, ‘Ẹ jọ̀ọ́, ṣé dókítà máa ń sùn síbí ni, àbí ẹ máa ń pè é láti ilé?’ Máígáàdì kì í purọ́ lórí èyí, torí òun náà ni wọ́n máa ń jí. Tí nọ́ọ̀sì bá wà nítòsí, ẹ bi í bóyá wọ́n ń gba ọmọdé lóru, bóyá ọ́síjìn wà, àti iye tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ gbà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú.

Ilé ìwòsàn alábọ́dé ti ìjọba náà wà. Ètò ìjọba ni pé kí wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan ní ọ̀kan. Owó ibẹ̀ kéré, wọ́n ń ṣe àyẹ̀wò ibà, wọ́n ń fún ọmọ lábẹ́rẹ́ àjẹsára, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń tì lọ́sàn-án. Ọ̀nà kan tá a fi ń dá èyí tó ń ṣíṣẹ́ lóru mọ̀ ni pé kẹ́ ẹ béèrè bóyá wọ́n ń gbẹ̀bí níbẹ̀. Ọmọ kì í dúró de ilẹ̀ mọ́, nítorí náà ibi tí wọ́n bá ti ń gbẹ̀bí, ó yẹ kí ẹnì kan wà níbẹ̀ lóru.

Ta lẹ máa bi? Ẹ má bi ajẹ́ntì tó gba ilé fún yín, ibi tó bá mọ̀ nìkan ló máa júwe. Ẹ bi obìnrin tó gbọ́mọ pọ̀n. Ẹ má sì bi í pé, ‘Ọsibítù wo ló dáa?’, torí ìwọ̀nba orúkọ tó tóbi ló máa dá yín lóhùn. Ẹ bi í pé, ‘Nígbà tí ara ọmọ yín gbóná gbẹ̀yìn lóru, ibo lẹ gbé e lọ?’ Tí ìyá méjì tí wọn ò mọ ara wọn bá dárúkọ ibì kan náà, ẹ lọ wo ibẹ̀.

Orúkọ náà máa ń fa ìdádúró. Ní Haúsá, ọsibítù ni asíbítì, orúkọ tí awakọ̀ sì mọ̀ lè yàtọ̀ pátápátá sí èyí tó wà lójú pátákó. Ọsibítù ìjọba kan wà ní Kánò tí pátákó rẹ̀ ń jẹ́ Muhammad Abdullahi Wase. Tẹ́ ẹ bá pe ‘Wásè’ fún oníkẹ̀kẹ́, ó lè máa wò yín. Asíbítìn Násáráwá ni àwọn ará ìlú ń pè é, láti ìgbà tó ti ń jẹ́ orúkọ yẹn. Nítorí náà, orúkọ méjèèjì lẹ máa kọ sílẹ̀, ti pátákó àti ti ẹnu awọn èèyàn. Ẹ tún mọ̀ pé ọsibítù ńlá kọ̀ọ̀kan ló ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ti Dálà, ọsibítù eegun ni, ó sì jẹ́ ọ̀kan pẹ̀lú Ìgbóbì ti Èkó nínú ètò ìjọba àpapọ̀. Ẹni tó ṣẹ́ lẹ́sẹ̀ lẹ ń gbé lọ síbẹ̀, kì í ṣe ọmọ tí ibà ń ṣe.

Ó ku ọ̀rọ̀ kẹ́míìsì. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa máa ń kọ́kọ́ sá lọ, torí ó wà lẹ́nu ọ̀nà, onítọ̀hún sì lè jẹ́ ọmọ ìlú wa. Òfin gba oníkẹ́míìsì láyè láti ta oògùn ẹ̀fọ́rí, ti inú rírun, ti ibà kékeré àti irú wọn. Kò gbà á láyè láti gún èèyàn lábẹ́rẹ́ tàbí láti fa omi sí i lára. Fámásì yàtọ̀. Onímọ̀ oògùn tó kàwé ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, ìwé àṣẹ ọdún náà sì gbọ́dọ̀ wà lára ògiri níbi tẹ́ ẹ ti lè rí i, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ lórí rẹ̀. Ẹ wo ọdún tó wà lórí ìwé náà. Ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ti àtọ̀gbẹ, kó mú páálí oògùn rẹ̀ dání láti ilé, kó lọ fi han fámásì méjì ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kó béèrè bóyá wọ́n ń tà á. Kó má dúró dìgbà tó bá ku hóró méjì.

Ẹ jẹ́ ká mú tọkọtaya kan tó ń taṣọ, tí wọ́n gba ilé sí Sábọ̀n Gàrí pẹ̀lú ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́ta. Lọ́jọ́ Sátidé àkọ́kọ́, wọ́n wo ibi mẹ́ta. Ilé ìwòsàn alábọ́dé kan jẹ́ ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ṣùgbọ́n kì í ṣí lóru. Ọsibítù aládàáni kan ní dókítà tó ń sùn síbẹ̀, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún náírà ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ gbà. Ẹ̀kẹta ni Násáráwá. Wọ́n kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí ìwé, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

Ní òru ọjọ́ kan, ara ọmọ náà gbóná. Ó ń mu omi, ó ń dáhùn tí wọ́n bá pè é. Èyí kò tíì ju agbára ilé lọ. Wọ́n fún un ní parasítámọ́ọ̀ bí ọjọ́ orí rẹ̀ ṣe gbà, wọ́n ń ṣọ́ ọ, ilé ìwòsàn alábọ́dé ni wọ́n máa gbé e lọ tílẹ̀ bá mọ́. Wọ́n á gún un lórí ìka, èsì àyẹ̀wò ibà á sì jáde láàárín ìṣẹ́jú 15 sí 20. Ṣùgbọ́n ká ní ọmọ náà ò lè mu nǹkan kan mọ́, tàbí gbogbo ohun tó ń mu ló ń pọ̀, tàbí gìrì mú un, tàbí ó ń sùn tí wọn ò lè jí i, ọ̀kan ṣoṣo nínú mẹ́rin yìí ti tó. Kò sí kẹ́míìsì níbẹ̀ mọ́, kò sí dídúró dilẹ̀ mọ́. Tó bá jẹ́ gìrì, wọ́n á dà á délẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan kí itọ́ lè máa jáde. Wọn ò gbọ́dọ̀ ti ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, wọn ò sì gbọ́dọ̀ rọ àgbo tàbí ìtọ̀ màlúù sí i lọ́fun, torí ọmọ tí kò mọ ara rẹ̀, inú ẹ̀dọ̀fóró lohun tẹ́ ẹ bá rọ sí i lẹ́nu lè gbà lọ. Ọsibítù aládàáni ni wọ́n máa gbé e gbà, torí ibẹ̀ ló sún mọ́ jù nínú àwọn tó ṣí. Tí dókítà bá ní ó ju agbára àwọn lọ, ó di Násáráwá. Bí àwọn dókítà ìjọba bá ń daṣẹ́ sílẹ̀, èyí tí kò ṣàjèjì sí wa, ti aládàáni ló kù, ìdí nìyẹn tí ìwé ẹ̀yìn ilẹ̀kùn fi gbọ́dọ̀ ní méjèèjì.

Kí ni wọ́n máa wọ̀? Láti ọdún 2013 ni ìjọba Kánò ti fòfin de ọ̀kadà akérò nígboro, ní 2022 wọ́n tún pàṣẹ pé kí kẹ̀kẹ́ má rìn mọ́ láti aago mẹ́wàá alẹ́. Ìyẹn ni pé onímọ́tò tó ń gbé nínú àdúgbò ni áńbúláǹsì yín. Ẹ bá ẹni kan tàbí méjì sọ̀rọ̀ ṣáájú, kẹ́ ẹ dá iye tẹ́ ẹ máa san lóru, kẹ́ ẹ gba nọ́ńbà rẹ̀, kẹ́ ẹ sì mọ yàrá tó ń sùn, torí èèyàn máa ń pa fóònù tó bá fẹ́ sùn. Owó tí ọsibítù máa kọ́kọ́ gbà, ẹ fi sílé ní owó ọwọ́. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì báńkì kì í mọ̀ pé ọmọ ń ṣàìsàn.

Nọ́ńbà tí ìjọba àpapọ̀ yà sọ́tọ̀ fún pàjáwìrì ni 112, ọ̀fẹ́ ni. 122 ni ti ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, fún ìjàm̀bá ọkọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti Èkó wá, 767 tó wà lórí yín, Èkó ló mọ. Ẹ bi aládùúgbò bóyá wọ́n ń gbé 112 níbi tẹ́ ẹ wà. Ẹ pè é o, ṣùgbọ́n kí ẹlòmíì máa jí onímọ́tò lọ́wọ́ kan náà.

Tí wọ́n bá ní àfi kẹ́ ẹ sanwó kí wọ́n tó fọwọ́ kan ẹni tó ń kú lọ, òfin ìlera Nàìjíríà ti ọdún 2014 sọ pé ilé ìwòsàn kò gbọ́dọ̀ kọ aláìsàn pàjáwìrì fún ìdí kankan. Ìtanràn rẹ̀ jẹ́ ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún náírà, tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù mẹ́fà, tàbí méjèèjì. Ti ọdún 2017 sọ pé ẹni tí ìbọn bá bà, kí wọ́n gbà á pẹ̀lú ìwé ọlọ́pàá tàbí láìsí i. Ẹ má fi òfin jà lẹ́nu géètì. Ẹ béèrè dókítà tó wà lẹ́nu iṣẹ́, kẹ́ ẹ sọ ọ́ fún un ní pẹ̀lẹ́, kẹ́ ẹ sì sọ iye tó wà lọ́wọ́ yín.

Ohun kan wà tí kò sẹ́ni tó lè dá a ṣe, ìyẹn ẹ̀jẹ̀. Tí aboyún bá bímọ tán tí ẹ̀jẹ̀ ò dá, tàbí tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ, ọsibítù máa ń ní kí ìdílé mú ẹni tó máa fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ wá. Nílé, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ló ń ṣe é. Níbí, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ló kù. Ó yẹ kí akọ̀wé ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ìwé kan tí orúkọ, nọ́ńbà fóònù, àdúgbò àti irú ẹ̀jẹ̀ àwọn tó fẹ́ wà nínú rẹ̀. Irú ẹ̀jẹ̀ là ń wí o, A, B, AB tàbí O, kì í ṣe AA àti AS nìkan tí ṣọ́ọ̀ṣì ń béèrè kí wọ́n tó so yìgì. Kí akọ̀wé tún máa kọ ọjọ́ tí kálukú fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ gbẹ̀yìn, torí ọkùnrin tó bá ṣe é lóṣù yìí gbọ́dọ̀ sinmi bí oṣù mẹ́ta kí wọ́n tó tún pè é.