Ẹ Wo Ẹnu Ọ̀nà Àbájáde Kí Ẹ Tó Bu Ọwọ́ Lu Lẹ́tà Iṣẹ́

Bí lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ bá dé, iye owó oṣù ni ojú kọ́kọ́ ń wá. Lẹ́yìn ìyẹn ni à ń wo orúkọ ipò àti ọjọ́ tí iṣẹ́ máa bẹ̀rẹ̀. Àwọn ìlà tó sọ nípa ìgbà ìdánwò, nótíìsì àti bí iṣẹ́ ṣe lè parí, ọ̀pọ̀ ló ń fò wọ́n dá bí ẹni tó ń fo kòtò ojú títì. Bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí, bóyá owó oṣù tó ń dán lókè yẹn máa wà fún oṣù mẹ́fà tàbí fún ọ̀sẹ̀ kan péré.

Ẹ jẹ́ ká fi akáúntáǹtì kan ṣe àpẹẹrẹ. Ìbàdàn ló ti ń ṣiṣẹ́, ₦150,000 ló ń gbà lóṣù, wọ́n sì ti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Bí wọ́n bá fẹ́ kó lọ, wọ́n gbọ́dọ̀ fún un ní nótíìsì oṣù kan, tàbí kí wọ́n san gbogbo owó oṣù kan dípò rẹ̀. Ilé iṣẹ́ kan n'Íkẹjà wá kọ̀wé sí i pé àwọn máa san ₦260,000. Inú ẹni kì í ṣàì dùn sí irú ìròyìn bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká ka lẹ́tà náà dé ìsàlẹ̀.

Ohun tó wà níbẹ̀ rèé. Ìgbà ìdánwò jẹ́ oṣù mẹ́fà, “ilé iṣẹ́ sì lè fi kún un”. Láàárín ìgbà yẹn, ilé iṣẹ́ lè dá a dúró pẹ̀lú nótíìsì ọ̀sẹ̀ kan. Òun ní tirẹ̀, bó bá fẹ́ lọ, oṣù kan ni nótíìsì rẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kó dá gbogbo owó oṣù kan padà. Lẹ́yìn tí wọ́n bá fìdí rẹ̀ múlẹ̀, nótíìsì di oṣù kan fún tọ̀tún-tòsì, “tàbí owó bésíìkì dípò rẹ̀”.

Ọ̀rọ̀ bésíìkì yẹn ni ká kọ́kọ́ dúró lé lórí. Nínú ₦260,000, ₦80,000 péré ni bésíìkì. Ìyókù jẹ́ owó ilé, owó ọkọ̀ àti àwọn àjẹmọ́nú mìíràn. Bí wọ́n bá ní kó máa lọ láàárín ìgbà ìdánwò, tí wọ́n sì san bésíìkì ọ̀sẹ̀ kan, ẹ sọ ₦80,000 di ti ọdún kan, kí ẹ pín in sí ọ̀sẹ̀ 52: ó jẹ́ nǹkan bí ₦18,500. Bí òun ló bá fẹ́ lọ kíákíá, ₦260,000 ni yóò san. Ẹnu ọ̀nà kan náà ni, ṣùgbọ́n owó ibodè tirẹ̀ fi ìlọ́po mẹ́rìnlá ju tiwọn lọ. Kódà lẹ́yìn ìfìdímúlẹ̀, ₦80,000 ni wọ́n fi lè ní kó máa lọ, nígbà tó jẹ́ pé ₦150,000 ni Ìbàdàn máa san. Iṣẹ́ tí owó rẹ̀ kéré ló di í mú jù.

Ẹnì kan lè sọ pé òfin á gbà á sílẹ̀. Òótọ́ ni pé Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà, ní abala 11, ti la iye nótíìsì sílẹ̀: ọjọ́ kan fún ẹni tí kò tíì lò ju oṣù mẹ́ta lọ, ọ̀sẹ̀ kan fún ẹni tó ti kọjá oṣù mẹ́ta ṣùgbọ́n tí kò tíì pé ọdún méjì, ọ̀sẹ̀ méjì láti ọdún méjì títí di kó tó pé ọdún márùn-ún, àti oṣù kan fún ẹni tó ti lo ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Iye yẹn fúnra rẹ̀ kò pọ̀. Lẹ́yìn náà, abala 91 yọ àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ alákòóso àti iṣẹ́ ìmọ̀ọ́ṣe kúrò lára àwọn tí òfin náà ń pè ní òṣìṣẹ́. Akáúntáǹtì wa lè bọ́ sí ìta báyìí. Lẹ́tà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ gan-an wá di òfin rẹ̀. Bó bá sì gbé ọ̀rọ̀ lọ sí kóòtù pé wọn ò fún òun ní nótíìsì, ohun tí àwọn adájọ́ ti máa ń sọ láti ọjọ́ pípẹ́ ni pé kí ilé iṣẹ́ aládàáni san iye tí ì bá gbà láàárín nótíìsì yẹn. Nítorí náà, bí nótíìsì inú lẹ́tà bá kúrú, ẹ̀tọ́ tí ẹ máa bèèrè náà á kúrú.

Ìlà tó kù ni èyí tó sọ ìgbà tí wọ́n lè lé èèyàn láìsí nótíìsì rárá. Olè jíjà, ayédèrú ìwé ẹ̀rí tàbí ìjà níbi iṣẹ́ kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Àmọ́ bí wọ́n bá kọ ọ́ pé “tàbí ìwà mìíràn tí ilé iṣẹ́ bá kà sí àṣìṣe ńlá”, tàbí tí wọ́n fi “iṣẹ́ tí kò tẹ́ wa lọ́rùn” kún un, a jẹ́ pé nótíìsì tí wọ́n kọ sókè kò fi bẹ́ẹ̀ ní ìtumọ̀ mọ́. Ìlà kan ti gba ohun tí èkejì fúnni.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká ṣírò bóyá iṣẹ́ náà tó lépa. Àlékún tó wà níbẹ̀ jẹ́ ₦110,000 lóṣù. Bí owó ilé ọdún kan l'Ékòó, owó ejẹ́ǹtì, àgírímẹ́ǹtì àti owó kíkó ẹrù bá jẹ́ ₦900,000, yóò lò ju oṣù mẹ́jọ lọ kí àlékún yẹn tó dá owó náà padà. Ìgbà ìdánwò jẹ́ oṣù mẹ́fà, wọ́n sì lè fà á gùn. Ìyẹn ni pé ní èyí tó pọ̀ jù nínú ìgbà tí owó rẹ̀ kò tíì padà wálé, ọ̀sẹ̀ kan péré ló wà láàárín òun àti òde. Bí oṣù tí ẹ máa fi rí owó yín padà bá ju ìgbà ìdánwò lọ, ẹ̀yin ni ẹ̀ ń ru ẹrù ìdánwò náà, kì í ṣe ilé iṣẹ́.

Kò tíì túmọ̀ sí pé kó kọ̀ ọ́. Kó kọ̀wé padà, kó béèrè ohun mẹ́rin: kí nótíìsì jẹ́ ọgbọọgba fún òun àti ilé iṣẹ́, kí owó dípò nótíìsì jẹ́ gbogbo owó oṣù, kì í ṣe bésíìkì, kí àfikún ìgbà ìdánwò má ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ kí oṣù mẹ́fà tó pé, kí wọ́n kọ ọ́ pé bí àkókò bá kọjá láìsí ìwé kankan, wọ́n ti fìdí òun múlẹ̀ nìyẹn. Ti ìkẹyìn yìí kì í ṣe àsọdùn. Nínú ẹjọ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti Onabanjo ní 1991, Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn wò ó pé agbanisíṣẹ́ tó jẹ́ kí òṣìṣẹ́ máa báṣẹ́ lọ lẹ́yìn ìgbà ìdánwò ti fọwọ́ ara rẹ̀ gbà á wọlé. Ṣùgbọ́n bí lẹ́tà bá sọ pé ìwé nìkan ló lè fìdí èèyàn múlẹ̀, àríyànjiyàn á wáyé. Ó sàn kí wọ́n yanjú rẹ̀ ṣáájú.

Bí wọ́n bá gba méjì lára wọn, pàápàá nótíìsì ọgbọọgba, kó máa lọ, ṣùgbọ́n kó wọ̀ sọ́dọ̀ ẹbí fún ìgbà ìdánwò, kó má tíì san ₦900,000. Bí wọ́n bá ní “bí a ṣe máa ń kọ ọ́ nìyẹn” fún gbogbo rẹ̀, ó ti rí bí wọ́n ṣe máa ṣe é lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ bá dójú ẹ̀, ó sì rí i nígbà tí iṣẹ́ Ìbàdàn ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.