Iye Tí Ẹ̀rọ Gbọ́dọ̀ Pa Wọlé

Ká ní ìyá kan ní Ìjẹ̀bú fẹ́ ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́. Ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ yá a ní ₦300,000 pẹ̀lú èlé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ₦200,000 kún un, wọ́n sì jọ ṣe àdéhùn pé àwọn yóò máa pín èrè. Bí ọjà bá kùtà, ẹgbẹ́ yóò ṣì béèrè owó àti èlé wọn. Ẹ̀gbọ́n ni yóò gba ohun tó bá ṣẹ́kù, bí nǹkan kan bá ṣẹ́kù rárá. Nítorí náà, èrè tí ẹ̀gbọ́n ń retí gbọ́dọ̀ ju èlé ẹgbẹ́ lọ, bí a kò tilẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé kankan. Ẹ̀rọ náà kò tíì jèrè àfi tí owó rẹ̀ bá tó láti san ti àwọn méjèèjì.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ilé iṣẹ́ ńlá ṣe ń wá òdiwọ̀n tí yóò fi bu owó ọ̀la wálẹ̀ sí iye tòní. Ẹ jẹ́ ká gbé ilé iṣẹ́ bisikíìtì kan yẹ̀ wò, kí a fúnra wa yan iye tó rọrùn láti ṣírò. Ó ní mílíọ̀nù 100 ìpín ìdókòwò, ₦6 sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́jà. Owó àwọn onípìn-ín jẹ́ ₦600 mílíọ̀nù. Ó jẹ báńkì ní ₦400 mílíọ̀nù. Ìdá 60% jẹ́ ti onípìn-ín, 40% jẹ́ ti gbèsè.

Iye owó báńkì kò ṣòro láti mọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe èlé tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn la ń wá. Èlé tí báńkì yóò béèrè bí wọ́n bá tún yá owó lónìí ni. Ká pè é ní 25%. Èlé máa ń jáde kúrò nínú èrè kí ìjọba tó gba owó orí, nítorí náà bí owó orí bá jẹ́ 30%, 17.5% péré ni gbèsè ń ná ilé iṣẹ́ náà. Bí ilé iṣẹ́ kò bá pa èrè tí owó orí lè wọ̀, àǹfààní yìí kò sí.

Ti onípìn-ín ló ń fa iyàn, nítorí kò sí ẹni tó kọ iye tó ń retí sílẹ̀. A máa ń bẹ̀rẹ̀ láti orí bọ́ọ̀ǹdì ìjọba: 18%. A ó wá fi èrè tí àwọn ènìyàn ń béèrè kí wọ́n tó gbà láti ra ìpín dípò bọ́ọ̀ǹdì kún un: 7%. Ṣùgbọ́n bí ọjà bá mì, kì í ṣe gbogbo ìpín ló ń mì bákan náà. Bẹ́tà ló ń wọ̀n èyí. Bí bẹ́tà bisikíìtì bá jẹ́ 1.2, 8.4% la ó fi lé 18%, yóò sì di 26.4%.

60% nínú 26.4 jẹ́ 15.84, 40% nínú 17.5 jẹ́ 7. Àpapọ̀ rẹ̀, 22.84%, ni òdiwọ̀n tí à ń wá.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni ìdá 60% àti 40% yẹn. Ìwé ìṣirò ilé iṣẹ́ lè sọ pé ₦200 mílíọ̀nù ni owó onípìn-ín, torí iye àtijọ́ ló wà nínú ìwé. Bí a bá lo ìyẹn, gbèsè yóò di ìdá méjì nínú mẹ́ta, òdiwọ̀n yóò sì bọ́ sí bíi 20.5%. Ẹ wo ohun tí èyí lè ṣe. Ààrò tuntun kan jẹ́ ₦100 mílíọ̀nù, yóò sì mú ₦122 mílíọ̀nù wálé lẹ́yìn ọdún kan. Pẹ̀lú 20.5%, ó tó ₦101.2 mílíọ̀nù lónìí: ẹ rà á. Pẹ̀lú 22.84%, kò tó ₦99.4 mílíọ̀nù: ẹ fi sílẹ̀. Ẹni tó ra ìpín ní ₦6 lónìí, orí ₦6 ló ń retí èrè, kì í ṣe orí iye ìwé. Iye ọjà ni mo rò pé ó yẹ kí a máa lò.

Àṣìṣe kejì fara sin ju èyí lọ. Gbèsè dàbí ẹni pé kò wọ́n, ọ̀gá ilé iṣẹ́ sì lè rò pé bí òun bá gbé e dé 60%, òdiwọ̀n yóò wálẹ̀. Tí a bá fi 26.4% sílẹ̀ bó ti wà, ìṣirò náà máa ń gbà fún un: 21.06%. Ṣùgbọ́n bí gbèsè tí a ó kọ́kọ́ san ṣe ń pọ̀, ohun tó ń ṣẹ́kù fún onípìn-ín ń mì sí i. Ọ̀nà tí Modigliani àti Miller là lọ́dún 1958 nìyí. Bẹ́tà yóò gòkè láti 1.2 sí nǹkan bíi 1.68, èrè tí onípìn-ín ń retí yóò sì di bíi 29.7%. Òdiwọ̀n yóò di bíi 22.4%, owó orí tí èlé dín kù ló fa ìwọ̀nba tó fi dín. Bí báńkì náà bá wá rí i pé ewu ti pọ̀, tó sì béèrè 28%, yóò fò dé bíi 23.7%, tó ju ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀ lọ. Ìṣirò tí òdiwọ̀n rẹ̀ ń wálẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí gbèsè bá ti pọ̀ sí i, ẹ wo ìlà bẹ́tà rẹ̀ àti ti èlé báńkì; ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò tún wọn ṣe.