Ọdún Wo ni Owó Di Èrè?

Ọ̀nà méjì ni a ń gbà kọ owó òwò sínú ìwé. Ọ̀nà kìn-ín-ní ń kọ ọ́ ní ọjọ́ tí ó wọ ọwọ́ wa tàbí tí ó kúrò níbẹ̀. Ọ̀nà kejì ń kọ ọ́ ní ọjọ́ tí a kó ọjà fún ẹni tí ó rà á, ìbáà ṣe àwìn.

Ẹ jẹ́ kí a fi gbẹ́nàgbẹ́nà kan ní Lágelú ṣe àpẹẹrẹ. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2026, ó san ₦400,000 fún pákó, ó kan àga, ó sì kó wọn fún ilé-ìwé kan ní ₦600,000. Ṣùgbọ́n oṣù Kejì ọdún 2027 ni wọn yóò sanwó. Iṣẹ́ rẹ̀ yòókù mú èrè ₦700,000 wá ní 2026, àti ₦500,000 ní 2027.

Nípa ọ̀nà kìn-ín-ní, èrè rẹ̀ jẹ́ ₦300,000 ní 2026 àti ₦1,100,000 ní 2027. Nípa ọ̀nà kejì, ó jẹ́ ₦900,000 àti ₦500,000. Àpapọ̀ kan náà ni, ₦1,400,000. Ṣùgbọ́n láti oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2026, òfin kò gba owó-orí lórí ₦800,000 àkọ́kọ́ nínú ọdún. Kọ́bọ̀ 15 ni ó ń gbà lórí náírà kọ̀ọ̀kan nínú ₦2,200,000 tí ó tẹ̀lé e. Nítorí náà, bí a kò bá ka ìdínkù mìíràn, ọ̀nà kìn-ín-ní yóò gba ₦45,000 lọ́wọ́ rẹ̀ lórí èrè 2027, ọ̀nà kejì yóò sì gba ₦15,000 péré lórí èrè 2026.

Èyí kò wí pé kí ó máa yan ọ̀nà tí ó wù ú lọ́dọọdún. Lórí èrè òwò, ọjọ́ tí owó di ẹ̀tọ́ ẹni ni òfin ń wò. Nígbà tí ilé-ìwé bá san ₦600,000 náà, kí ó kọ ọ́ bí gbèsè tí a san, kì í ṣe bí ọjà titun. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò san owó-orí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Bí wọn kò bá sì san án rárá, tí ó lè fi ẹ̀rí hàn pé gbèsè náà ti sọnù, òfin gbà á láyè láti yọ ọ́ kúrò nínú èrè ọdún tí ó sọnù. Nítorí náà, kí ó pa ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí nígbà tí wọ́n gba àga mọ́.