Ẹja Tó Rọ̀ Lóru

Ẹ ka: Òwe 11:1-6

Ẹ̀yin ará wa nínú Olúwa, ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo ìyá ẹlẹ́ja kan ní ọjà Ìlá-Ọ̀ràngún. Alásè kan láti Òkè-Ìlá ti san owó páálí ẹja Títọ́ọ̀sì 5 fún un, nítorí òkú àgbà tí wọ́n fẹ́ sin ní ọjọ́ Sátidé. Ní aago 11 alẹ́ Jímọ̀, ìyá yìí rí omi lábẹ́ fíríísà rẹ̀. Iná wà, gílóòbù kékeré ara rẹ̀ sì ń tàn, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí ń mú un tutù kò dún mọ́. Láti àárọ̀ ni kò ti ṣí i.

Ó fi ọwọ́ kan ẹja náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Páálí 3 tó wà nísàlẹ̀ ṣì le, yìnyín ṣì wà lára wọn. Páálí 2 tó wà lókè ti rọ̀, wọn kò tutù mọ́. Bí ó bá fi ìka tẹ ẹran wọn, ojú ibẹ̀ kì í dìde padà.

Àbúrò ọkọ rẹ̀ wí pé, “Ìyàwó wa, ẹ jẹ́ ká gbé gbogbo rẹ̀ sí fíríísà aládùúgbò. Kí wọ́n tó dé, yóò ti dì padà. Ta ni yóò mọ̀?”

Òótọ́ ni pé ẹnikẹ́ni kò ní tètè mọ̀. Ẹja tó ti rọ̀, bí ó bá dì padà, a tún le bí òkúta. Ṣùgbọ́n Títọ́ọ̀sì tí ooru ti mú pẹ́ a máa ní oró nínú, oró náà kì í sì í kú nínú yìnyín tàbí nínú epo gbígbóná. Ẹni tó bá jẹ ẹ́, kò ní pẹ́ tí ojú rẹ̀ yóò fi pọ́n, tí ara yóò máa yún un, tí orí yóò fọ́ ọ, tí yóò sì máa bì.

Ìyá yìí gbé páálí 3 lọ sọ́dọ̀ aládùúgbò, ó sì pe alásè lórí fóònù lóru náà: “Màmá, ẹ má bínú. 3 ni mo ní fún yín. Owó 2 tó kù wà nílẹ̀.”

Alásè bínú gidigidi. Ó ra 2 lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ìyá ẹlẹ́ja ri ẹja tó rọ̀ mọ́lẹ̀, àdánù náà sì dùn ún, nítorí owó àjọ ni ó fi rà á.

Ará, òṣùwọ̀n èké tí Sólómọ́nì sọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ti orí àtẹ nìkan. Ẹja tí a mọ̀ pé ó ti bàjẹ́, tí a fi yìnyín bò, òṣùwọ̀n èké ni. Ẹni tó rà á kò mọ̀, ṣùgbọ́n Olúwa tó rí inú fíríísà lóru mọ̀.

Àdúrà: Olúwa, bí òótọ́ bá máa ná mi lówó, fún mi ní agbára láti san án. Àmín.